Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Àdìjá Bẹ̀bẹ̀ Fún

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ èyí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú ò bí mi. Méjèèjì máa ń gbé inú ilé kan náà. Inú mi dùn nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Inú bí mi nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Ẹ̀yin ẹ gbọ́, kí ẹ sì bá mi dá a: ọmọ tó fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ṣé dandan ni kó gbé agbọ̀n iṣu dání?

Àdìjá ni mò ń wí, ọmọ ọmọ mi. Ilé ìgbẹ̀bí Ṣábẹ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe agbẹ̀bí o, olùrànlọ́wọ́ ni. Òun ló ń se àwọn irinṣẹ́ nínú omi gbígbóná, òun ló ń fọ ilẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wáyé, òun ni aláboyún máa ń di lọ́wọ́ mú títí ọwọ́ yóò fi kú tipiri. Ṣùgbọ́n ó ti gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ojú rẹ̀ sì ń wo iwájú. Ní ọdún yẹn, nígbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kamaráàdì, wọ́n kéde kọnkúù, ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Kutọnu. Òpin oṣù ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ. Àdìjá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Tó bá fi orúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kàwé. Tí wọn kò bá sì mú un ńkọ́? Kò sí ẹni kan láàárín wa tó ti gba ọ̀nà yẹn rí tó lè bi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà, Màdáàmù Hélène. Agbẹ̀bí gidi ni, obìnrin ọlọ́wọ́ líle, ẹlẹ́nu líle. Ìjọba ti gbé e wá sí Ṣábẹ rí, òjò méjì ló lò lọ́dọ̀ wa. Òun ló gbé ìwo kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ nínú ikùn lé ikùn aláboyún kan, tó ní kí Àdìjá gbé etí lé e.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń lù kìkìkì, Màdáàmù, bí ẹni ń sáré gun òkè."

"Ó dáa. Etí rẹ wúlò."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Màdáàmù padà sí Kutọnu, sí ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan tí tẹlifóònù wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọn ò gbúròó ara wọn mọ́.

Ni Àdìjá bá jókòó lábẹ́ igi kajú wa, ó kọ̀wé. Faransé ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tú u fún mi lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, mo sì há a sórí nítorí ó dùn létí mi bí orin:

"Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Àdìjá ti ilé ìgbẹ̀bí Ṣábẹ, tí ẹ kọ́ ní gbígbọ́ ọmọ. Ó ti pẹ́ tí a ti ríra. Mò ń ronú láti wọ kọnkúù àwọn agbẹ̀bí lọ́dún yìí. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi wá àyè. Mo kàn fẹ́ kí yín, kí n sì gbọ́ bí tiyín ṣe rí nígbà tí ẹ̀yin náà ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tó bá yín lára mu, n ó pè yín láti pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wa. Tí kò bá sí àyè, kò burú rárá. Ẹ ṣé púpọ̀."

Ó tán. Ó kí i, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sọ ohun tí òun fẹ́ àti èyí tí òun kò fẹ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹni náà lè sọ pé rárá láìtijú. Mo ní, "Àdìjá, ta ló kọ́ ẹ lọ́gbọ́n yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Mo fi orin sí i:

*Ọ̀rọ̀ kúkúrú ò gbọ́dọ̀ gùn o,*
*ẹni mú un gùn ló bà á jẹ́,*
*a kì í fi okùn màlúù*
*so adìyẹ mọ́lẹ̀.*

Ibẹ̀ ni Bachirou ti wọlé.

Bachirou yìí, àbúrò ọkọ mi tó ti kú ni. Ìgbà tí mo wọ ilé yìí, ó ń rá kòrò, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, ọkọ mi ni mo gbọ́dọ̀ máa pè é títí n ó fi kú, òun náà á sì máa pè mí ní ìyàwó. Bàbá ni Àdìjá ń pè é, òun sì ni dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa. Tí ìpàdé bá wà, òun ló ń kígbe pé ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Àdìjá, ó kà á, ó yí i padà wo ẹ̀yìn bóyá ó kù.

"Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan ni, Bàbá."

"Lẹ́tà wo nìyí? Bí ẹni ń ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀! Ìkíni dà? Ilé dà? Àwa tó bí ẹ dà? O ní kí ènìyàn ńlá sọ wákàtí, ìwọ ni ọ̀gá rẹ̀?"

Mo ní, "Ọkọ mi, ó kí i."

"Ìyàwó, ìkíni ẹnu ọ̀nà lèyí. Ọwọ́ òfo sì ni! Àdìjá, mò ń lọ sí ìpàdé ní Kutọnu lọ́la, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni. Gbé e wá, n ó fi lé e lọ́wọ́ fúnra mi. Ó yá ju pọ́ọ̀sì lọ."

Ọmọ náà dúpẹ́. Kí ló tún lè ṣe? Bàbá rẹ̀ ní òun á bá a jẹ́ iṣẹ́.

Ohun tí Bachirou ṣe, lẹ́yìn tó dé ni a gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ náà la sì ti gbọ́ ọ, nítorí ó rò pé ohun rere lòun ṣe. Ó ní kí akọ̀wé kan bá òun kọ òmíràn, odidi ojú ìwé mẹ́ta. Ó fi kí Màdáàmù lórúkọ gbogbo ìdílé, ó fi kí Ìyípadà àwọn ológun, ó fi kí Ẹgbẹ́ wọn. Ó ní Àdìjá ń wọ kọnkúù, pé ilé fi í lé Màdáàmù lọ́wọ́. Ó tún fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń wá iṣẹ́ sí i, bóyá àyè ẹ̀ṣọ́ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Ó wá ra iṣu tó rẹwà, agbọ̀n kan kún dẹ́nu, àti awó méjì tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó rù wọ́n wọ inú ilé ìgbẹ̀bí ní ọ̀sán gangan, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó wá kí abiyamọ, ó sì kígbe pé: "Màdáàmù Hélène! Àwọn ará Ṣábẹ ní ká gbé èyí fún yín, ti kọnkúù ọmọ wa ni o!"

Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìgbà yẹn, ẹ ó ti di orí mú báyìí. Rédíò kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba rìbá. Ìgbìmọ̀ wà ní gbogbo ibi iṣẹ́ tó ń wo ọwọ́ ènìyàn. Òun wá gbé iṣu kọnkúù wọ ibi iṣẹ́ obìnrin náà, àwọn awó sì ń han gooro!

Ọjọ́ kẹta tí Bachirou ti padà dé, ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Kutọnu dúró ní Ṣábẹ, ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sì yọjú lójú fèrèsé.

"Ta ń jẹ́ Bachirou? Ẹ wá gba ẹrù yín!"

Iṣu yẹn ni. Ó pé pérépéré, awó méjèèjì sì jókòó lé e lórí. Ìwé kékeré kan wà lára agbọ̀n náà: "N kì í gba ẹ̀bùn. N kò ní ibi kankan tí mo lè ti ẹnikẹ́ni sí. Ẹ má ṣe wá mọ́."

Ní Ṣábẹ, ẹni tó bá dá iṣu rẹ padà ti sọ fún ẹ pé òun kò fẹ́ mọ ilé yín mọ́. Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti ọsàn ní ibùdókọ̀ ló rí i. Bachirou gbé agbọ̀n náà wálé, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo.

"Obìnrin yẹn bú mi! Ó bú gbogbo ìdílé yìí!"

Àdìjá bi í wẹ́rẹ́, "Bàbá, lẹ́tà tèmi ńkọ́?"

Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó fà á yọ. Ó ti rún. "Mi ò fún un. Mi ò fẹ́ kó dójú tì wá."

Ẹ̀yin ènìyàn! Lẹ́tà tó yẹ kó lọ wà nínú àpò, èyí tí kò yẹ kó lọ ló lọ! Àdìjá kò pariwo. Ó wọlé, ó fi ìró bo orí. Èmi ni mo pariwo. Mo pariwo lórí ọkọ mi Bachirou, mo sì pariwo lórí Hélène náà, nítorí òun náà jẹ̀bi lójú mi. Kí ló dé tí kò bi ọmọ tó mọ̀ léèrè kó tó dá ẹrù padà? Ṣé ohùn Àdìjá ló gbọ́ nínú ojú ìwé mẹ́ta yẹn? Mo ń gún iyán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń fi ọmọ odó kọrin:

*Mo rán ẹ níṣẹ́ omi,*
*o pọn ẹrẹ̀ wálé,*
*o tún ní kí n dúpẹ́,*
*ẹrẹ̀ náà tutù!*

Bachirou gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó, ta lò ń kọrin bú?"

"Iṣu ni mò ń gún, ọkọ mi. Orin iṣu ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àdìjá ti ń kọ lẹ́tà mìíràn, ẹ̀bẹ̀ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹ dárí jì wá, ẹ foríjì bàbá mi, kò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kó ya á. Mo ní, "O fẹ́ fi ẹkún bo ẹrẹ̀? Ṣe ló máa túbọ̀ yọ̀. Ohun tó o fẹ́ kò tíì yí padà. Tún un sọ, kó sì kéré sí i." Oṣù ti fẹ́ parí, lẹ́tà lè pẹ́ lọ́nà. A gba pọ́ọ̀sì lọ, ká lọ fi tẹlẹgíráàmù ránṣẹ́.

Barthélemy ló wà lẹ́yìn tábìlì pọ́ọ̀sì, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń bá mi ṣeré. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi lónìí?"

"Lọ́la. Lónìí, gba ọ̀rọ̀ ọmọ yìí."

Ní tẹlẹgíráàmù, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lo ń san owó rẹ̀, nítorí náà kò sí ààyè ẹ̀gbin. Ohun tí Àdìjá kọ nìyí: "Iṣu kò ti ọwọ́ mi wá. Ẹ má bínú. N kò wá àyè. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tẹlifóònù, láti gbọ́ ìmọ̀ràn yín. Àdìjá, ìgbẹ̀bí Ṣábẹ."

Barthélemy ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá ńlá ni ọkọ mi dé. Ẹnì kan ti sọ fún un pé a kọjá, ó sì ka ìwé náà láti ẹ̀yìn wa.

"Ẹ dúró! Ta ló sọ pé iṣu kò ti ọwọ́ ilé wá? Àti pé ìparí dà? Ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba láìsí 'A ti ṣe tán fún Ìyípadà, ìjàkadì ń tẹ̀síwájú'? Barthélemy, fi sí i! Fi ìkíni ìdílé sí i pẹ̀lú!"

Barthélemy fi pẹ́ńsù lé etí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Bàbá dẹlẹgé, gbogbo rẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ní ẹni tó san owó rẹ̀. Ti Ìyípadà àti ti ìdílé, ṣé orúkọ yín ni kí n kọ owó rẹ̀ sí?"

Ọkọ mi wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó wúkọ́. "Kamaráàdì, Màdáàmù mọ̀ pé ìjàkadì ń tẹ̀síwájú."

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Tẹlẹgíráàmù lọ. Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn kọjá. Àdìjá ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò gbé ilẹ̀ ayé. Ó ní tí kò bá sí èsì, òun kò ní fi orúkọ sílẹ̀. Ṣé ẹni tí kò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò mú? Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú.

Ọjọ́rú ni oníṣẹ́ pọ́ọ̀sì gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìwé ìpè. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní tẹlifóònù nílé: wọ́n á ní kó wá dúró ní pọ́ọ̀sì ní wákàtí báyìí, pé lágbájá ń pè é. Ó ní Hélène, láti Kutọnu, yóò pe Àdìjá ní Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pè! Mo jó yí igi kajú ká, ewúrẹ́ ń wò mí.

Tí ìdùnnú bá mọ níbẹ̀ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí èmi àti Àdìjá dé pọ́ọ̀sì, Bachirou ti jókòó síbẹ̀. Ó wọ agbádá ọdún, ó fi lọ́fínńdà sára.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe?"

"N ó kọ́kọ́ kí i. Ṣé ọmọdé ni yóò ṣáájú gbé ẹnu lé ọ̀rọ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ wà? N ó sì bi í ohun tí iṣu mi ṣe."

Mo mọ ìkíni ọkọ mi. Á kí ọ kú òjò, á kí ọ kú ọ̀dá. Á bi ọ́ léèrè ọmọ, á bi ọ́ léèrè ọkọ, á bi ọ́ léèrè ẹni tí kò tíì bí. Tó bá fi máa dé orí iṣu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti jóná. Màdáàmù á gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó parí nìyẹn, láéláé.

Agogo dún. Barthélemy gbọ́ ọ, ó ní, "Kutọnu! Àdìjá, wọ yàrá kékeré!" Yàrá tẹlifóònù náà kò ju àpótí aṣọ lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì pa dé. Àdìjá wọlé. Bachirou dìde, ó ká apá agbádá sókè, ó ń bọ̀.

Mo kúnlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo kojú sí i. Kò sí ọkùnrin Ṣábẹ tó máa dá ìyàwó ilé lá kọjá níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kí ó tó sọ pé kí n dìde, mo ti gbé oríkì rẹ̀ sẹ́nu. Ọkùnrin tí wọ́n bá sì ń kì, ìdúró ló máa dúró.

*Bachirou, ọkọ mi, ọmọ agúnkè-má-fọwọ́-tilẹ̀,*
*ọmọ òkúta tó ga ju ilé lọ,*
*òjò pa á pa á, kò rà,*
*oòrùn pa á pa á, kò sá!*

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, dìde."

*Ó ní kí n dìde, ẹ gbọ́ ohùn ọlọ́lá!*
*Ọmọ afagbádá-gbálẹ̀-ọjà,*
*ọmọ ajísọ̀rọ̀-kí-ilẹ̀-tó-mọ́...*

Eyín mi ni mo ń pa keke láàárín ìlà sí ìlà. Ṣùgbọ́n ohùn mi dùn, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wá ra sítáńbù dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àyà ọkọ mi ń wú, ojú rẹ̀ ń fà sí ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ tún ń wú.

Lẹ́yìn mi, Àdìjá ń kígbe nítorí wáyà náà ń ṣe kírakíra: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù! Kì í ṣe èmi! ... Bàbá mi ni, Màdáàmù, ìfẹ́ ló fi ṣe é! ... Rárá, Màdáàmù, n kò fẹ́ kí ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀yin ṣe é, ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Ó wá fi etí sí i, Màdáàmù ló ń sọ̀rọ̀. Èmi mú oríkì náà gùn, mo wọ ilé ìyá bàbá wọn, mo hùmọ̀ àwọn ẹni tí kò sí rí, mo fún wọn ní ẹṣin. Orúnkún mi ń ta mí bí ìgbà tí èèrùn bá gun ènìyàn.

Ìgbà tí Àdìjá jáde, omi wà lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta.

"Kí ló wí?" Gbogbo pọ́ọ̀sì ló bi í.

"Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ìgbìmọ̀ ibi iṣẹ́ wọn fi ìbéèrè dá òun dúró lórí iṣu. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ó ní àìbẹ̀bẹ̀ àyè tí mi ò bẹ̀bẹ̀ ló jẹ́ kí òun pè." Ó nu ojú. "Ìyá Àgbà, ó ní òun fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní! Màdáàmù Hélène! Ó ní ìpè-kọ, kí wọ́n máa kà á kí èèyàn máa kọ ọ́, ni òun kò mọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ó ní kí n máa fi ìwé ìròyìn ṣe é lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa kà á fún mi. Kí n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́la. Tí wọn kò bá mú mi lọ́dún yìí, kí n tún padà wá, òun náà padà wá. Ó ní kí n máa kọ̀wé sí òun lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìwé kan."

Ọkọ mi fa agbádá rẹ̀ sókè. "Èmi ńkọ́? Kò bi ọ́ léèrè mi?"

"Ó ní kí n kí yín, Bàbá. Ó béèrè ẹni tí wọ́n ń kì lẹ́yìn mi, mo ní ẹ̀yin ni."

Ó ronú sí i. Mo rí i tí inú ń bí i, mo sì tún rí i tí inú rẹ̀ ń dùn, kò mọ èwo ni kó mú. N kò lè dìde. Òun ló na ọwọ́ fà mí sókè, ó sì mú mi lọ́wọ́ títí ẹsẹ̀ mi fi gbé mi.

Ó ní, "Ẹni tó ń kàwé ìròyìn fún un, ta ni yóò jẹ́? Ìwọ ò mọ̀wé, ìyàwó. Ohùn mi ló yè jù nínú ilé yẹn, èmi ni n ó máa kà á."

Mo ní, "Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí o kà, ọkọ mi. Má fi ìkíni sí i."